Ẹ̀bi Kan, Ìbéèrè Mẹ́rin

Ẹnì kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí pé báwo ni adájọ́ ṣe lè sọ pé dókítà kùnà, kó sì tún ní kí wọ́n má san kọ́bọ̀ fún opó aláìsàn tó kú. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, èdè ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni. Ṣùgbọ́n ó jọ pé inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìṣòro náà wà: ẹ̀bi. Lẹ́nu wa, tí a bá ti ní "ó jẹ̀bi", ọ̀rọ̀ parí. Ní kóòtù tó ń tẹ̀ lé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwa ní Nàìjíríà náà sì wà lára wọn, ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú ẹjọ́ àìbìkítà. Ẹni tó pẹjọ́ gbọ́dọ̀ yege nínú gbogbo wọn. "Àti" ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe "tàbí".

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kékeré bẹ̀rẹ̀. Òróró dà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, ìyá kan tó wá rajà yọ̀ lórí rẹ̀, egungun ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ kán. Ìkíní: ṣé oníṣọ́ọ̀bù ní ojúṣe láti ṣọ́ra nítorí ìyá yìí? Ó ní in, torí òun ló ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Ìkejì: ṣé ó kùnà ojúṣe náà? Pé òróró dà kò tíì tó. Ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ra bó ṣe yẹ máa ń ṣe ni òṣùwọ̀n. Tí òróró bá ti wà nílẹ̀ fún wákàtí kan, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rí i tí wọ́n ń kọjá lọ, ìkùnà nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sílẹ̀ ni, ó ṣòro láti pè é bẹ́ẹ̀. Ìkẹta: ìpalára dà? Bí ìyá náà bá yọ̀, tó di káńtà mú, tó kàn fi ìbínú lọ sílé, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ìkẹrin ni okùnfà: ṣé ìkùnà yẹn gan-an ló fa ìpalára yìí?

Ibi ìkẹrin yìí ni ẹjọ́ púpọ̀ ti ń ṣubú, ibẹ̀ náà sì ni èdè wa ti lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "ìbá". Ká ní o tètè dé, o ò bá bá a nílé. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ là ń fi wé èyí tó ṣẹlẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ yìí náà la ti rí "àbámọ̀". Ohun tí adájọ́ ń ṣe nìyẹn: ó ń yọ ìkùnà kúrò nínú ìtàn, ó sì ń béèrè bóyá ìpalára ìbá tún wáyé. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìkùnà nìkan ló ń yọ, kì í ṣe gbogbo aburú inú ìtàn. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, kì í ṣe òróró ló ń yọ, àìnù ún ni. Báyìí ni ìbéèrè kejì àti ìkẹrin ṣe wọnú ara wọn.

Ó wá kan ẹjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi ń sọ, ẹjọ́ Barnett, tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1969. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1966, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọlọ́dẹ mẹ́ta mu tíì ní ìdájí, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Wọ́n lọ sí ilé-ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì pe dókítà lórí fóònù, àmọ́ ara dókítà fúnra rẹ̀ ò yá. Ó ní kí wọ́n lọ sùn sílé, kí wọ́n pe dókítà tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn kú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Májèlé ásẹ́níìkì ló wà nínú tíì.

Opó rẹ̀ pẹjọ́. Ojúṣe wà: àwọn ọkùnrin náà ti wọ ẹ̀ka pàjáwìrì, wọ́n ti ṣàlàyé ohun tó ń ṣe wọ́n. Ìkùnà wà: ó yẹ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ìpalára wà: ikú ni. Ṣùgbọ́n adájọ́ yọ ìkùnà náà kúrò, ó ní kí a gbà pé dókítà sọ̀ kalẹ̀ wá. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n tó ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó mọ̀ pé májèlé ni, kí wọ́n tó wá ẹ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀pa ò ní bóró mọ́. Ọkùnrin náà ìbá kú bákan náà. Opó náà pàdánù.

Kì í ṣe pé ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn láìkù síbì kan. Nínú ẹjọ́ báyìí, ó tó bí òṣùwọ̀n bá fì díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó pẹjọ́. Tirẹ̀ ni kò fì.

Nítorí náà, bí nǹkan bá ṣe yín, tí ẹ sì lọ rí lọ́yà, ẹ má yà á lẹ́nu bó bá béèrè bóyá ọwọ́ yẹn ti ń dùn yín kó tó di ọjọ́ náà. Ìbá ló ń wá. Ìkùnà dókítà yẹn wà. Ìbá rẹ̀ ni kò sí.