Ta Ló Kọ́kọ́ Gba Èrè?

Ká ní iléeṣẹ́ kan ní Nàìjíríà ta ìpín ìṣáájú mílíọ̀nù 10 náírà, tó ṣèlérí mílíọ̀nù 1 lọ́dọọdún, tí àìsanwó sì ń di gbèsè. Ọdún kìn-ín-ní kò mú èrè wá. Lọ́dún kejì, mílíọ̀nù 1.5 wọlé: àwọn ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀, ẹgbẹ̀rún 500 ṣì kù. Onípìn-ín lásán kò rí kọ́bọ̀; ṣùgbọ́n bí èrè bá búrẹ́kẹ́ lọ́la, òun ló ni àjẹṣẹ́kù. Gbèsè yẹn tún lè fún ìpín ìṣáájú ní ju ìbò kan lọ nípàdé, bí ìwé iléeṣẹ́ bá gbà á.

Ìpín ìràpadà ńkọ́? Iléeṣẹ́ yóò rà á padà lọ́jọ́ àdéhùn, àmọ́ inú èrè tàbí owó ìpín tuntun ni owó ọ̀hún ti ń wá. Bí kò bá sí méjèèjì, ẹni tó ń retí yóò máa retí.