Ọjọ́ Tí A Fagi Lé Iṣẹ́ Kóòlùrúùmù

Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni àwọn kan nínú yín ti ń bi wá pé kí la sọ fún àwọn ìyá márùn-ún tó ń bójú tó iṣẹ́ kóòlùrúùmù, tá a fi fagi lé iṣẹ́ ọ̀hún tí ẹgbẹ́ ò sì fọ́. A ní ká kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, títí kan ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó lọ́wọ́ àwa olóyè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tá a fi ṣọ́ra. Nígbà kan tá a fagi lé iṣẹ́ kànga, a ò pe ìgbìmọ̀ rẹ̀ jókòó. A kàn dákẹ́, à ń retí pé ó máa yé wọn tó bá yá. Ẹnu alábàárù kan tó ru iṣu ni alága wọn ti gbọ́ ọ. Ojú tì í, inú bí i, ó kó ìwé owó lọ sílé, oṣù mẹ́rin gbáko la fi bẹ̀ ẹ́ kó tó dá a padà. A ò sì rí i bá wí.

Ní ti kóòlùrúùmù, ẹ̀yin onítòmátì mọ ohun tá à ń wá. Tòmátì tó bá ti òkè Ọya wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tí kò bá tètè tà, omi á ti máa jáde nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìyá 62 bẹ̀rẹ̀ sí í dá náírà 500 lọ́sẹ̀. Náírà 4,200,000 ni ẹ̀rọ àti yàrá náà nígbà yẹn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 60, owó tá a dá jẹ́ 1,860,000. A ti ná 186,000 nínú rẹ̀ sórí ìpìlẹ̀ àti owó ọkọ̀, ó ku 1,674,000.

Àmọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí náírà 460 ní báńkì ṣáájú ìgbà náà ti kọjá 1,500 nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024. Òkè òkun ni ẹ̀rọ náà ti ń wá. Nígbà tá a tún béèrè iye rẹ̀, 9,300,000 ni wọ́n pè é. Tá a bá ń dá 31,000 lọ́sẹ̀ bá a ṣe ń dá a, ọ̀sẹ̀ 246 ló kù, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún márùn-ún, bí ẹni tó ń tà á ò bá tún fi kún un.

Ṣebí oṣù keje ọdún 2023 ló yẹ ká ti tún béèrè? A ò béèrè. Oṣù méje la fi jẹ́ kí àwọn ìyá máa dáwó lórí iye tí ò sí mọ́.

Ká tó pe ẹnikẹ́ni, àwa olóyè jókòó, a pinnu tán, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Tí ìpinnu ò bá tíì délẹ̀, ẹ má tíì pè wọ́n, torí wọ́n á rò pé ìmọ̀ràn lẹ wá gbà. Wọ́n á máa dá àbá, ẹ̀yin á sì máa kọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì dunni ju kẹ́ ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lọ.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìpàdé, Ìyálọ́jà àti akọ̀wé lọ sílé alága ìgbìmọ̀ náà. Òun ló fi orúkọ rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ yìí lójú ọjà, kò yẹ kó jẹ́ ìgbà tí àwọn tó ń tẹ̀ lé e ń gbọ́ lòun náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Alẹ́ kan ti tó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ẹrù àṣírí lẹ dì lé e lórí yẹn. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní, "Ìyálọ́jà, ṣé àwa la ṣe é tì ni?" Ìyálọ́jà ní, "Rárá o, ìyá mi. Owó ẹ̀rọ ló sá fún wa. Àwa olóyè náà ò sì tètè wò ó." Ó ní òun á wá sípàdé, ṣùgbọ́n òun ò ní sọ̀rọ̀. A gbà bẹ́ẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán la pè wọ́n, nígbà tí ọjà ti rọlẹ̀, inú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ sì ni, kì í ṣe nídìí ìsọ̀ níbi tí oníbàárà ti ń wò wọ́n lójú. Lẹ́yìn ìkíni, gbólóhùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Ìyálọ́jà ni pé: "Ẹ̀yin ìyá, a ti fagi lé iṣẹ́ kóòlùrúùmù. A ò ní ṣe é mọ́." Kò pa òwe, kò sì fi àdúrà gígùn ṣáájú. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ká máa yí ọ̀rọ̀ po, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbọ́ òwe nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àyà rẹ̀ á ti máa já. Lẹ́yìn náà ló wá ka iye owó fún wọn, ìdí kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ fi kún un pé "bóyá lọ́dún tó ń bọ̀." A tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ "bóyá" fún, ó ṣì máa dúró síbẹ̀ ni.

Ìyá tó ń gba owó ọ̀sẹ̀ dìde. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ 60 ni mo fi ń rìn láti ìlà dé ìlà nínú oòrùn, ṣé òfo ni?" A ò sọ fún un pé kó fara balẹ̀. A jẹ́ kó sọ tán.

Ìgbà náà la wá dúpẹ́, a ò sì sọ "ẹ ṣeun, gbogbo yín" kó tán síbẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀, ó sì kà á: pé ìwé owó ọ̀sẹ̀ 60 pé, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tá a fò, pé alága ló lọ bá àwọn onílẹ̀ sọ̀rọ̀ tí wọ́n fi fún wa láyè lọ́fẹ̀ẹ́, pé ìyá tó lọ ná ẹ̀rọ lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan péré sì ni ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ibi owó ọkọ̀ yẹn ni ìyá náà ti bú sẹ́kún, torí kò mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣírò rẹ̀. A san èyí tó kù fún un lọ́jọ́ náà láti inú àpò ẹgbẹ́, kì í ṣe nínú owó àwọn 62.

Kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀ láìmọ ohun tó kàn án. Akápò ìgbìmọ̀ á san 27,000 fún ìyá kọ̀ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, á sì lọ ti àpò báńkì náà pa. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ á kọ orúkọ gbogbo wọn, ẹni tó bá gbowó á fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Ọ̀kan nínú àwọn 62 ti ṣaláìsí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa gba tirẹ̀, lójú ẹlẹ́rìí méjì. Alága á lọ sọ fún àwọn onílẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì bá wa béèrè bóyá a ṣì lè máa já ẹrù sórí ìpìlẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ìyá tó lọ ná ẹ̀rọ, a ní tó bá wù ú, kó bá ìlà tòmátì wádìí kéréètì oníke, torí tòmátì ń fọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà ju inú oníke lọ. A jẹ́ kó mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn ni, ó sì lè kọ̀ ọ́. Ó ní ká fún òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ti agbowó ló nira jù. Kò sí owó tá a ó tún máa gbà, torí náà iṣẹ́ rẹ̀ parí, àti 2,000 tí ẹgbẹ́ ń fún un lọ́sẹ̀ nítorí wàhálà rẹ̀. A ò hùmọ̀ iṣẹ́ kan láti fi tù ú nínú. A sọ ọ́ fún un lójúkojú, a ní ẹgbẹ́ á ṣì san ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, ó tán. Inú rẹ̀ ò dùn, kò sì sídìí tó fi yẹ kó dùn.

Lọ́jọ́ náà gan-an, kí ọjà tó tú, àwọn márààrún lọ káàkiri ìlà, gbólóhùn kan náà ni wọ́n sì ń sọ. Tá a bá fi di ọjọ́ kejì, "wọ́n ti kó owó jẹ" ni ẹnu á máa wí. A lẹ ìwé báńkì mọ́ pátákó ẹgbẹ́, a sì kọ bí 186,000 ṣe lọ síbẹ̀, torí a mọ̀ pé 3,000 tó dín nínú owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa bi wá. Wọ́n bi wá lóòótọ́. Ìyá kan ní kí ẹgbẹ́ san tòun padà. A mú un lọ wo ìpìlẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ṣì ń bi wá títí dòní.

Ìyá 61 ti gbowó kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé. Ọmọ olóògbé dé láti Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó gba 27,000, ó fọwọ́ sí i, akápò sì lọ ti àpò náà pa. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.