Ìnṣọ́ránsì Tọ́ọ̀dì Pátì: Ìdí Tó Fi Jẹ́ Dandan, àti Ewu Tó Wà Nínú Ayédèrú Ìwé

Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti Bọ́ńdárì ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí Àpápá mọ irú ojú ọ̀nà tó ń bá pàdé. Tírélà tó gbé kọ̀ntéínà ń bọ̀ níwájú, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń já gba àárín, àwọn ọmọ iléèwé ń sọdá títì. Bí ọkọ̀ bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹlòmíì ló máa fara pa tàbí kí dúkìá ẹlòmíì bàjẹ́. Nítorí ẹlòmíì yìí ni òfin ṣe sọ ìnṣọ́ránsì tọ́ọ̀dì pátì di dandan.

Nínú àdéhùn yìí, ẹni kìíní ni ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tó gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni kẹta ni ẹni tí ọkọ̀ náà ṣe ní jàǹbá, tí kò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn wọn. Òun ni wọ́n ń san owó fún. Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ kéèyàn sọ pé, "Ọkọ̀ mi ni, bó bá wù mí ni màá ṣe ìnṣọ́ránsì rẹ̀." Ìnṣọ́ránsì yìí kì í tún ọkọ̀ tiyín ṣe, bí wọ́n bá sì jí ọkọ̀ náà lọ, kò ní san kọ́bọ̀. Ẹ̀tọ́ ẹni tó wà lójú títì ló ń dáàbò bò.

Òfin náà ti pẹ́ nílẹ̀. Òfin ọdún 1945 ló kọ́kọ́ sọ pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sójú títì gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì fún ikú àti ìfarapa ẹlòmíì. Òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 wá fi dúkìá ẹlòmíì kún un. Ó sì sọ pé ẹni tó bá rú òfin náà lè san ìtanràn ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí kó jẹ ìyà méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003, dandan náà kò sì kúrò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé yìí wò káàkiri orílẹ̀-èdè.

Iye owó rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí oníkálukú ń dá. NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ló fi lélẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àdáni, dípò ₦5,000 tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá ba dúkìá ẹlòmíì jẹ́, ilé-iṣẹ́ náà lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká sọ pé bàbá kan ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ní Àpápá. Nígbà tó dé Òpópónà Málù, búrékì ọkọ̀ rẹ̀ kò mú mọ́, ó sì kọlu kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan. Àtúnṣe kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ ₦850,000. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ náà sì kán lẹ́sẹ̀, owó ilé ìwòsàn rẹ̀ jẹ́ ₦600,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,450,000.

Bí ìnṣọ́ránsì bàbá yìí bá jẹ́ ojúlówó, yóò ya fọ́tò ibi tí jàǹbá ti ṣẹlẹ̀, yóò gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, yóò sì tètè kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀. Kò ní dá ṣèlérí owó fún ẹnikẹ́ni, nítorí ilé-iṣẹ́ náà ló máa yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó sanwó fún oníkẹ̀kẹ́. Ohun tí bàbá fúnra rẹ̀ máa ná kò ju àtúnṣe ọkọ̀ tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí ìwé náà bá jẹ́ ayédèrú ńkọ́? Tí ó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, wọn yóò dá a lóhùn pé àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. ₦1,450,000 náà yóò wá bọ́ sí ọrùn rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ lè gbé e lọ sí kóòtù, kí wọ́n sì gba owó náà lára dúkìá rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀sùn méjì ló máa dojú kọ: wíwakọ̀ láìní ìnṣọ́ránsì, àti fífi ayédèrú ìwé hàn gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Ẹni tí kò ní ìwé rárá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn kejì yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n tàn án jẹ ni, ó lè sọ èyí fún ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n èyí kò lè sọ ayédèrú di ìnṣọ́ránsì.

Báwo lèèyàn ṣe lè dá ayédèrú mọ̀? Kì í ṣe wíwo ìwé lójú, nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè ṣe ohun tó dán ju ojúlówó lọ. Nígbà míì, nọ́ńbà orí ìwé náà tilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ̀ ẹlòmíì. Iye owó ló kọ́kọ́ ń tú àṣírí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe é fún ọkọ̀ àdáni yín ní ₦5,000, ẹ mọ̀ pé bébà lásán ló ń tà.

Ohun kejì ni àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń tọ́jú sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ sí askniid.org, tàbí kí ẹ tẹ *565*11# lórí fóònù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín wá a. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ máa rí i pé ìnṣọ́ránsì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì gbé e síbẹ̀. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má lo nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé yẹn, torí ẹni tó tẹ ayédèrú lè fi nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹ fúnra yín wá nọ́ńbà wọn.

Ọ̀nà yìí wúlò fún ẹni tí wọ́n kọlù náà. Bí tírélà bá ba ọkọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù yín jẹ́ ní Àpápá, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. ₦100,000 ni ìnṣọ́ránsì tírélà akẹ́rù, ó sì lè san tó mílíọ̀nù márùn-ún fún dúkìá. Bí kò bá ní, ẹni tó ni tírélà náà lẹ máa wá kàn, torí náà ẹ má jẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé ẹ mọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí kan máa ń sọ pé torí èlé àti àìdánilójú tó wà nínú ìnṣọ́ránsì ni àwọn kò fi fẹ́ ṣe é. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì ti àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò ní ọdún 1985. Wọ́n ní ti oníṣòwò kò tọ́, àmọ́ wọ́n gba èyí tí àwọn èèyàn ń dá owó jọ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́. Òun ni wọ́n ń pè ní tàkáfúlù, NAICOM sì ti fún àwọn ilé-iṣẹ́ tàkáfúlù níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ìnṣọ́ránsì ní ọ̀nà míì. Ayédèrú kò sí lára rẹ̀, torí irọ́ ni, ẹ̀tọ́ ẹni tí jàǹbá ṣe ló sì ń fi dù ú.

Kí ọkọ̀ yín tó jáde lọ́la, ẹ mú ìwé rẹ̀ jáde, kí ẹ sì yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò. Bí ẹ kò bá bá a níbẹ̀, tí ilé-iṣẹ́ náà sì sọ pé àwọn kò mọ̀ ọ́n, ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ títí ẹ ó fi ra ojúlówó.