Àwòrán Tí Oníṣẹ́ Irin Yóò Fi Gé Bírákẹ́ẹ̀tì

Ẹ jẹ́ ká mú bírákẹ́ẹ̀tì kan tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L. Ihò méjì wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ fún bóòtì M8; ihò ńlá kan sì wà lára apá tó dúró, níbi tí ọ̀pá irin yóò ti máa yí.

Ìwọ̀n ihò bóòtì jẹ́ mìlímítà 9. Bóòtì ní àyè nínú rẹ̀, nítorí náà bí ihò náà bá fi 0.2 yẹ̀, kò sí wàhálà. Ti ọ̀pá yàtọ̀. Ayàwòrán kọ 20 H7 síbẹ̀: ihò náà kò gbọdọ̀ kéré ju 20 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju 20.021 lọ. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gba àkókò àti owó, ìdí nìyí tí wọn kì í fi béèrè rẹ̀ níbi tí kò pọn dandan.

Inú ihò ńlá yìí ní àtẹ̀gùn tí a kò lè rí láti ìta. Ayàwòrán á ya irin náà bí ẹni pé wọ́n fi ayùn là á láàárín, á fa ìlà dídagun sí ibi tí ayùn gbà kọjá, á wá kọ jíjìn àtẹ̀gùn náà síbẹ̀.

Etí kan ṣoṣo ni kó ti wọn gbogbo ihò. Bí ó bá to ìwọ̀n mẹ́ta léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi 0.2 yẹ̀, èyí tó kẹ́yìn lè fi 0.6 yẹ̀, bóòtì kò sì ní wọlé.