Ìlà kan, àṣìṣe kan: bí àtòjọ ìfilọ́lẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Google

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ọdún 2011, àwọn kọ̀ǹpútà Google tó ń pèsè àwòrán ayé tí sátẹ́láìtì yà gba ìbéèrè tó lé ní mílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìlọ́po 25 ni èyí jẹ́ sí èyí tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n máa ń rí lọ́jọ́ lásán. Bàbá Kérésì ló fà á. NORAD, iléeṣẹ́ ológun tí Amẹ́ríkà àti Kánádà jọ ń fi ṣọ́ ojú sánmà, ló ń bójú tó àṣà kan tó ti wà láti ọdún 1955, níbi tí wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọdé ibi tí Bàbá Kérésì dé lálẹ́ ọjọ́ náà. Google bá wọn gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọdé káàkiri ayé sì jókòó ti fóònù àti kọ̀ǹpútà òbí wọn.

Ẹni tó bá ti gbé ohun tuntun jáde rí á mọ ohun tó mú irú iṣẹ́ yìí le. Kò sẹ́ni tó lè bẹ Bàbá Kérésì pé kó sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, gbogbo èèyàn ló sì máa dé lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwọn ẹnjiníà fi bọ́tìnnì sínú iṣẹ́ náà tó lè pa apá kan rẹ̀ tí ẹrù bá fẹ́ wọ àwọn kọ̀ǹpútà lọ́rùn, kí ìyókù má baà wó lulẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ bọ́tìnnì wọ̀nyẹn ni bọ́tìnnì amọ́mọdé-sunkún, torí pé ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìyẹn bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá rí irú ìmúrasílẹ̀ yìí lè rò pé ọgbọ́n orí ni wọ́n fi ronú kàn án lọ́dún yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2011 fi máa dé, Google ti ní àtòjọ kan tí wọ́n ń mú lò fún gbogbo ìfilọ́lẹ̀ tó bá gba àyẹ̀wò. Ó ń béèrè iye èèyàn tó máa ya wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iye tó máa wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ̀rọ kan bá kú. Bí àtòjọ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀, àti bí ó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìnira fún àwọn tó ń lò ó, ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé iléeṣẹ́ kékeré tó ń kọ àwòṣe iṣẹ́ fún ara rẹ̀ lónìí yóò gba ojú ọ̀nà kan náà.

Ọdún 2004 ni Google dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá àwọn yòókù darí ìfilọ́lẹ̀. Ìdí ni pé ohun tuntun ti ń pọ̀ jù, tí àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà sì mọ iṣẹ́ tiwọn dáadáa ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbé ohunkóhun síwájú mílíọ̀nù èèyàn rí. Àwọn ẹnjiníà inú ẹgbẹ́ tuntun yìí ń lọ láti iṣẹ́ kan dé òmíràn. Wọ́n ń rí ibi tí ẹgbẹ́ kan ti kọsẹ̀ ní oṣù kan, wọ́n sì ń rí ẹgbẹ́ mìíràn tó fẹ́ kọsẹ̀ síbẹ̀ gan-an ní oṣù kejì. Bí ìbéèrè ṣe ń tún ara wọn bi nìyẹn, tí wọ́n fi kó wọn jọ sójú kan.

Bí wọ́n ṣe kọ ìlà kọ̀ọ̀kan ló wù mí jù. Ìbéèrè wà, iṣẹ́ tó tẹ̀ lé ìdáhùn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ẹ ó máa tọ́jú dátà tí kò gbọdọ̀ sọnù? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣètò ẹ̀dà rẹ̀, ìlànà bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ṣé ẹnìkan lè lo iṣẹ́ yín ní ìlòkulò? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ààlà sí iye ìgbà tí ẹnìkan lè béèrè, ẹ̀rọ tó ń ṣe é fún gbogbo ilé nìyí. Ẹni tó bá ka irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó kàn láti fi ọwọ́ ṣe. Kò sí ìlà tó kàn sọ pé kí ẹ rí i dájú pé gbogbo nǹkan dára.

Ó ṣiṣẹ́ gan-an. Nínú ìwé tí àwọn ẹnjiníà Google tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 lórí bí wọ́n ṣe ń mú kí iṣẹ́ wọn má dákú, wọ́n ní ẹnjiníà kan ṣoṣo mú ìfilọ́lẹ̀ 350 gba inú àtòjọ náà kọjá láàárín ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ẹgbẹ́ tó tó èèyàn márùn-ún sì ni wọ́n nígbà náà.

Wàhálà wá ti ibi tí oore ti wá. Gbogbo ìgbà tí ìfilọ́lẹ̀ kan bá dojú rú, ẹnìkan á fẹ́ fi ìlà kan kún àtòjọ kí irú rẹ̀ má tún wáyé mọ́. Ta ni yóò sọ pé rárá? Ìlà náà bọ́gbọ́n mu, ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù lára gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n bí àtòjọ ti ń gùn sí i ni àwọn tó ń lò ó ń kà á lákàtúnkà láìrí ohun tó kàn wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọdún 2009, ìṣòro tó wà nínú fífi iṣẹ́ kékeré kan lọ́lẹ̀ ní Google ti di ìtàn tí wọ́n ń sọ fún ara wọn.

Ohun méjì ni wọ́n ṣe sí i. Wọ́n mú kí ìlà tuntun ṣòro láti wọlé: ìgbà kan wà tó jẹ́ pé igbákejì ààrẹ iléeṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìbéèrè tuntun tó lè wọ inú àtòjọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlànà kan fìdí múlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí pé ó ṣe pàtàkì, èyí tó sì dára jù ni kí ó jẹ́ ìfilọ́lẹ̀ kan tó ti bàjẹ́ nítorí ohun tí ìlà náà ń béèrè. Ohun tí a ní kí èèyàn ṣe sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ṣeé ṣe. Ohun kejì ni pé wọ́n ya àwọn ìfilọ́lẹ̀ tí ewu wọn kéré sọ́tọ̀ fún àtòjọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò ọdún 2008 ni wọ́n kà sí èyí tí ewu rẹ̀ kéré. Mo gbà pé ìyàsọ́tọ̀ yìí ló gba àtòjọ náà là, torí ẹni tó bá ní kí iṣẹ́ ńlá àti iṣẹ́ kékeré gba ẹnu ọ̀nà kan náà ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ bí a ṣe ń fò ó ni.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ilé iṣẹ́ èèyàn méje kan ní Ìbàdàn, tí mo fi ń ṣàpẹẹrẹ, tó ní áàpù tí àwọn òbí fi ń san owó ilé ìwé. Wọ́n fẹ́ fi ohun tuntun kún un: ìránṣẹ́ tó máa lọ sórí fóònù òbí lọ́jọ́ tí owó bá pé, pẹ̀lú ojú ìwé ìsanwó. Òbí 8,000 ni wọ́n ní. Bí gbogbo ìránṣẹ́ bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tí ìdajì wọn sì tẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, èèyàn 4,000 nìyẹn nínú ìṣẹ́jú àáyá 300, nǹkan bí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ báńkì wọn bá lè gba márùn-ún péré ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,500 ló máa rí i san, 2,500 á sì wà lórí ìlà, tí ẹni tó kẹ́yìn á dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti díẹ̀ sí i. Òbí tó ti rí i tí ojú fóònù rẹ̀ ń yí bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan á tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kejì, owó á sì kúrò ní àkáǹtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá pín ìránṣẹ́ náà sí wákàtí méjì, kò ní tó ẹnìkan tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ó dájú pé ohun tó máa wọ inú àwòṣe wọn lẹ́yìn irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe "ẹ yẹ ẹrù wò". Láti ọdún 2016 ni GitHub ti ń jẹ́ kí iléeṣẹ́ fi àwòṣe iṣẹ́ pamọ́ sínú ibi tí kóòdù wọn wà, tí ẹni tó bá ṣí iṣẹ́ tuntun á sì bá a níbẹ̀. Fún ilé iṣẹ́ yìí, fáìlì `.github/ISSUE_TEMPLATE/ifilole.md` lè rí báyìí:

```
---
name: Ìfilọ́lẹ̀
about: Ṣí i nígbà tó bá ku ọjọ́ 7
---
- [ ] Ó ku ọjọ́ 7: ìránṣẹ́ mélòó, láàárín wákàtí mélòó?
- [ ] Ó ku ọjọ́ 5: dá ẹ̀dà dátà padà sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ta ló ṣe é?
- [ ] Ó ku ọjọ́ 3: pa ohun tuntun yìí, tún tàn án. Ìṣẹ́jú mélòó?
- [ ] Ọjọ́ náà: ilé ìwé 1 péré. Ta ló ń ṣọ́ ọ?
```

Ẹ wo bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ń béèrè ohun tí èèyàn kò lè dáhùn láìtíì ṣe iṣẹ́ náà. Ìlà kejì kò béèrè bóyá ẹ̀dà dátà wà, torí ọ̀pọ̀ ló ní ẹ̀dà tí wọn kò dá padà rí, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ ni wọ́n ń mọ̀ pé òfìfo ni. Bí a ṣe ń mọ̀ pé àwòṣe ti kú ni pé gbogbo àpótí inú rẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí ní aago kan náà, nígbà púpọ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ìlà kan bá wà tí ẹnikẹ́ni kò dá iṣẹ́ dúró lé lórí rí láti ọdún kan, ó yẹ kí wọ́n béèrè ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Fífi ìdí oníbàárà tuntun múlẹ̀ gba àwòṣe ọ̀tọ̀, torí pé ohun tó ń dá a dúró wà lọ́wọ́ àwọn ará ìta. Nígbà tí ilé ìwé tuntun bá dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Ìbàdàn yìí, orúkọ àwọn ọmọ ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé, nọ́ńbà àkáǹtì ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ilé ìwé. Níbí, ìlà tó wúlò ni èyí tó dárúkọ ẹni tí a ń dúró dè àti ọjọ́ tí a ó pè é, nítorí iṣẹ́ tó jókòó sọ́wọ́ oníbàárà fún ọ̀sẹ̀ méjì kì í hàn lára àpótí tí a kò tíì fọwọ́ sí.

Ohun kan ṣì wà tó ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo àwòṣe lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá ṣí iṣẹ́ láti inú àwòṣe ní GitHub, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n mú lọ. Àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí fáìlì náà lónìí kò ní dé inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣí lánàá, ìlà tí ẹnìkan bá sì kọ kún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bàjẹ́ kò ní padà sínú fáìlì fúnra rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà tí fáìlì náà wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, tó máa jókòó lẹ́yìn ìfilọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ka ohun tí wọ́n kọ kún un, tó sì máa pinnu èyí tó yẹ kó wọlé àti èyí tó yẹ kó jáde. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ọdún 2016 yẹn ṣe sọ, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ìfilọ́lẹ̀ Google máa ń ka àtòjọ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún láti wá èyí tí kò bá ìgbà mu mọ́. Ilé iṣẹ́ èèyàn méje lè parí tirẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.