Kílò Ọmọ Ló Ń Sọ Iye Hóró Oògùn Ikọ́ Ife

Kí nọ́ọ̀sì tó ka hóró oògùn ikọ́ ife fún ọmọdé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé e sórí ìwọ̀n. Ọjọ́ orí nìkan kò tó. Ọmọ ọdún méjì kan lè tẹ̀wọ̀n kílò 12, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àìsàn ti sọ di egungun má ju kílò 7 lọ.

Oògùn mẹ́ta ni ọmọ náà ń lò pọ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́: aisoníásíìdì, rifámpísíìnì àti pirasínámáìdì. Níbi tí ó bá yẹ, dókítà á fi etambútọ́ọ̀lù ṣe ìkẹrin. Tẹ́lẹ̀, hóró àgbà ni ọ̀pọ̀ òbí ń dá sí wẹ́wẹ́ tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé apá kan tó èkejì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n gbé hóró tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọdé jáde. Rifámpísíìnì mílígíráàmù 75, aisoníásíìdì 50 àti pirasínámáìdì 150 ló wà nínú ẹyọ kan. Ó ń yọ́ nínú omi, ó sì ní adùn èso.

Bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe là á kalẹ̀ nìyí: ọmọ tó wà láàárín kílò 4 sí 7 á lo hóró kan lójúmọ́, kílò 8 sí 11 á lo méjì, kílò 12 sí 15 á lo mẹ́ta, kílò 16 sí 24 á sì lo mẹ́rin. Ọmọ tó bá pé kílò 25 ti bọ́ sí oògùn àgbà. Èyí tí kò tó kílò 4, dókítà tó mọ̀ nípa ọmọdé ló gbọ́dọ̀ ṣírò tirẹ̀.

Ó ń ya àwọn òbí lẹ́nu pé ọmọdé ń gba oògùn ju àgbà lọ, bí a bá fi kílò kọ̀ọ̀kan wọ́n ọn. Aisoníásíìdì mílígíráàmù 5 ni àgbà ń gbà lórí kílò kan, ọmọdé ń gba 10. Ìdí ni pé ara ọmọdé yára láti palẹ̀ oògùn mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kún ti ọmọdé, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì wá gbà pé ó lè wà láàárín 7 sí 15.

Ẹnu ààlà ni ọ̀rọ̀ ti ń le. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan tẹ̀wọ̀n kílò 7.6. Hóró kan ni wọ́n á fún un, nítorí náà aisoníásíìdì tó ń gbà kò pé mílígíráàmù 7 lórí kílò kan. Pirasínámáìdì rẹ̀ ò ju bí 20 lọ, bẹ́ẹ̀ 30 sí 40 ló yẹ kó jẹ́. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ìwọ̀n rẹ̀ di kílò 8.2. Ní ọjọ́ náà gan-an, hóró méjì ló tọ́ sí i: aisoníásíìdì á di bíi 12 lórí kílò kan, pirasínámáìdì á sì di bíi 37. Bí ẹnikẹ́ni ò bá tún un wọ̀n, tí wọ́n ń bá hóró kan lọ torí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ tí ara rẹ̀ ń yá yóò máa gba oògùn tó ń kéré sí i lójoojúmọ́. Ìyá lè má fura, nítorí ó rí i pé ọmọ ń sanra.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n wọn ọmọ ní gbogbo ìgbà tó bá wá gba oògùn, láìwọ bàtà àti aṣọ tó nípọn, nítorí aṣọ òtútù kan lè sún un kọjá ààlà.

Nílé, omi mímu tó mọ́, bíi mílílítà 50, ni wọ́n ń pò ó sí. Kí ọmọ mu ún tán láàárín ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n sì fi omi díẹ̀ ṣan ife náà fún un mu, kí èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ má ṣòfò. Ìtọ̀ lè pọ́n bí ọsàn: rifámpísíìnì ló fà á, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ojú ọmọ bá di pupa rúsúrúsú bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, tàbí tó ń bì láìdáwọ́dúró, kí wọ́n dá oògùn náà dúró, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, torí àwọn oògùn wọ̀nyí lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, pirasínámáìdì á kúrò. Hóró tó kù ní rifámpísíìnì 75 àti aisoníásíìdì 50 nìkan, ìpele kílò yẹn kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀lé. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n ń lò ó, àyàfi fún ọmọ tí ikọ́ ife rẹ̀ kò le. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní South Africa, Uganda, Zambia àti India fi hàn pé fún irú wọn, oṣù mẹ́rin lápapọ̀ ń ṣiṣẹ́ bí oṣù mẹ́fà. Dókítà ló ń pinnu ẹni tí èyí kàn, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ọmọ wò dáadáa.