Ibi Tó Yẹ Kí Àlàfo Wà

Olùkọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá àbùdá ìwé òfin orílẹ̀-èdè yé akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè kọ àyọkà kan, kó yọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì wá dí àwọn àlàfo náà. Wilson Taylor ló gbé irú ìdánwò yìí jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1953, láti fi wọn bí ìwé ṣe rọrùn tó láti kà. Ó lè jẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ karùn-ún ni a ó máa yọ. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí àyọkà Yorùbá, "ni", "ti" àti "sí" ló máa pọ̀ jù nínú ohun tí a ó yọ, ẹni tó gbọ́ èdè á sì dí wọn láìmọ nǹkan kan nípa òfin. Ó sàn kí olùkọ́ fúnra rẹ̀ yan ọ̀rọ̀ tí yóò yọ.

Irú àlàfo méjì kan wà tí mi ò fara mọ́. Bí a bá kọ pé ìwé òfin tí à ń lò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún ____, ẹni tó há 1999 sórí ti gba máàkì, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ìwé òfin wà fún. Bí a bá sì kọ pé ìwé òfin ni ____ ìjọba, ìpìlẹ̀ bá a mu, òpó bá a mu, agbára náà bá a mu. Èwo la fẹ́ ṣègbè fún?

Ẹ wo èyí:

"Ìwé òfin Nàìjíríà ju gbogbo òfin yòókù lọ, bí òfin tí ilé aṣòfin ṣe bá ta kò ó, ____ ni yóò borí. Láti tún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ṣe, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé aṣòfin àgbà àti ti aṣojú-ṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ sì gbà, ìyẹn ìpínlẹ̀ ____ ó kéré tán. Ní Bìrìtéènì, ìbò àwọn tó pọ̀ jù ní ilé aṣòfin ti tó. Nítorí náà, àtúnṣe ____ fún wọn ju fún wa lọ."

Ìdáhùn ni ìwé òfin, 24 àti rọrùn. Àṣìṣe náà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ 19 sí àlàfo kejì rò pé kí wọ́n ṣáà ti ju ìdajì lọ ti tó. Ẹni tó kọ 36 rò pé ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo lè dá gbogbo àtúnṣe dúró.

Kí a tó lo àyọkà náà, ká fún àgbàlagbà kan tó mọ Yorùbá kà dáadáa, tí kò sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìjọba rí. Àlàfo tó bá dí láìronú, èdè ló ń dán wò. Ibi tí mo ti ń ṣọ́ra jù ni àlàfo kẹta, nítorí bí kò bá jẹ́ "rọrùn", "ṣòro" ni, ẹni tó bá sì méfò lè mú un. Mo máa ń fi "nítorí pé ____" kún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn tirẹ̀ parí rẹ̀, kí máàkì tó pọ̀ jù sì wà níbẹ̀.